Fọ́tò Méjìlá, Ìfò Kan: Èwo Lẹ Máa Mú?

Ọmọ kan ń fò sókè, ẹ tẹ bọ́tìnnì kámẹ́rà mọ́lẹ̀ láì gbé ìka kúrò, fóònù sì ya fọ́tò méjìlá léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lé díẹ̀. Ní gálárì, gbogbo wọn jọra. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá sún ojú ọmọ náà mọ́ra nínú ìkọ̀ọ̀kan wọn, bóyá lẹ máa rí ju méjì tàbí mẹ́ta tó pé. Nínú àwọn yòókù, ọwọ́ ẹni tó ń ya fọ́tò mì, tàbí ojú ọmọ ṣe bàìbàì, tàbí iwájú orí rẹ̀ funfun láúláú.

Kí a tó fi wọ́n wé ara wọn, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí nǹkan kan: àbùkù ju àbùkù lọ. Fọ́tò tó dúdú díẹ̀ ṣì ní gbogbo ohun tó wà níwájú kámẹ́rà nínú, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù fún un, a sì lè fi ìtúnṣe bù ú kún un. Fọ́tò tó ṣe bàìbàì ti pàdánù ìpéǹpéjú, irun àti ojú aṣọ, kò sì sí ìtúnṣe tó máa dá wọn padà bí wọ́n ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti jó di funfun pátápátá: kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ojú tó ṣe bàìbàì àti ojú tó jó ló ń lé fọ́tò kúrò nínú ìdíje. Dúdú díẹ̀ jẹ́ gbèsè lásán, a máa san án. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe òdìkejì èyí. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù lójú fóònù ni wọ́n ń mú, nítorí òun ló kọ́kọ́ dùn ún wò.

Ẹ kọ́kọ́ rí wọn dáadáa

Písẹ̀lì ni àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò. Fọ́tò mẹgapísẹ̀lì 12 sábà máa ń ní písẹ̀lì 4032 lápá kan àti 3024 lápá kejì. Ojú fóònù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ písẹ̀lì 1080 ò lè gba gbogbo rẹ̀, torí náà ó máa ń pọ nǹkan bíi písẹ̀lì mẹ́ta pọ̀ di ẹyọ kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Tí ọwọ́ yín bá mì débi pé etí nǹkan fi písẹ̀lì méjì fẹ̀ sí i, àṣìṣe yẹn ti pòórá kó tó dé ojú yín. Ìdí nìyẹn tí gbogbo fọ́tò fi ń dán nínú fóònù, tí àwọn kan sì ń dójú tini lọ́jọ́ tí wọ́n bá tẹ̀ wọ́n sórí bébà ńlá.

Ẹ fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà tó ìlọ́po mẹ́ta. Ibi tí písẹ̀lì fọ́tò kan bá ti gba písẹ̀lì kan lójú fóònù la ń wá. Tí ẹ bá ré kọjá ibẹ̀ títí tí ẹ fi ń rí àwọn igun mẹ́rin kéékèèké, gbogbo fọ́tò ló máa dà bí èyí tí kò dáa, ẹ sì lè sọ èyí tó dára nù. Lẹ́yìn tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ tán, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Fóònù máa ń kọ́kọ́ gbé ẹ̀dà kékeré jáde kó tó gbé ojúlówó wá, pàápàá tó bá jẹ́ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ojúlówó wà. Bàìbàì tó bá yanjú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan kì í ṣe ẹ̀bi fọ́tò.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, ẹ kúrò nínú oòrùn, ẹ pa ètò tó ń yí ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù padà fúnra rẹ̀, ẹ sì pa èyí tó ń sọ ọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú lálẹ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, fọ́tò kan lè dà bí èyí tó mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ nígbà tó jẹ́ pé fóònù ló yí ojú rẹ̀ padà láàárín méjèèjì.

Bàìbàì kan yàtọ̀ sí òmíràn

Oríṣi mẹ́ta ló máa ń wà nínú ọ̀wọ́ fọ́tò báyìí, ìdájọ́ wọn ò sì dọ́gba.

Ti ọwọ́ tó mì ló rọrùn jù láti mọ̀. Gbogbo inú fọ́tò ló máa fà sí ìhà kan náà: ilẹ̀, ògiri, ojú, gbogbo wọn. Ẹ wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn bíńtín, bíi lára bọ́tìnnì aṣọ tàbí nínú ẹyinjú. Ó yẹ kó rí roboto. Tó bá ti gùn di ìlà kúkúrú, ọwọ́ ló mì, ibi tí ìlà náà sì dojú kọ ni ọwọ́ náà lọ. Fọ́tò àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn ló sábà máa ń ní àbùkù yìí, nítorí ìka tó ń tẹ bọ́tìnnì máa ń ti fóònù, ìka tó ń kúrò níbẹ̀ náà sì máa ń mì í. Tí àkókò yín ò bá tó nǹkan, àwọn méjèèjì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Èkejì ni pé ohun tí a ń yà ló sáré ju kámẹ́rà lọ. Níbí, ògiri ẹ̀yìn máa yanjú kedere, ìlà rẹ̀ á sì tọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ máa fà. Èyí kì í fìgbà gbogbo jẹ́ àbùkù. Ẹsẹ̀ tó fà díẹ̀ lábẹ́ ojú tó yanjú ń jẹ́ kí a mọ̀ pé ọmọ ń fò ní tòótọ́, kò rọ̀ sórí okùn. Ojú tó fà ni n kì í dárí jì.

Ó yẹ ká dúró lórí ìfò yìí díẹ̀, torí pé ó ṣàlàyé ìdí tí fọ́tò méjì tó tẹ̀ léra wọn fi lè yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá fò ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà máa lo nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lókè. Tí fóònù bá ń ya fọ́tò mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi márùn-ún ló máa bá a níbẹ̀. Ká ní ojú kámẹ́rà ń ṣí fún 1/125 ìṣẹ́jú àáyá ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀, eré rẹ̀ pọ̀ débi pé á ti gòkè tó sẹ̀ǹtímítà méjì kí ojú kámẹ́rà tó pa dé. Tí fọ́tò náà bá gba mítà méjì ní ìbú tó ní písẹ̀lì 3024, sẹ̀ǹtímítà méjì yẹn jẹ́ nǹkan bíi písẹ̀lì 30. Ìpéǹpéjú ò lè là á já. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń gòkè ni eré rẹ̀ ń dín kù, títí tó fi dé òkè pátápátá, tí eré ìgòkè tán, tí ìbọ̀wálẹ̀ ò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò tí kò jìnnà sí ibẹ̀ ju 1/20 ìṣẹ́jú àáyá lọ ò ní fà ju písẹ̀lì mẹ́fà lọ. Ẹ rí i pé kámẹ́rà ò yí padà, ọwọ́ yín náà ò yí padà. Ibi tí ọmọ wà nínú ìfò rẹ̀ ló yàtọ̀. Ohunkóhun tó bá ń lọ tó sì ń bọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: jáńgílọ́fà, apá oníjó, orí tó ń mì. Tí ẹ bá ń wá èyí tó yanjú, ẹ lọ tààrà sí àwọn fọ́tò tó wà níbi ìyípadà.

Ẹ̀kẹta ni pé fókọ́ọ̀sì kámẹ́rà bọ́ síbòmíràn. Bàìbàì yìí ò ní ìhà tó fà sí. Ó kàn rọ̀ yí ká ni, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà nínú fọ́tò yẹn tó yanjú: etí, ọrùn aṣọ, tàbí ògiri ẹ̀yìn. Kì í sábà dá wá, torí fókọ́ọ̀sì máa ń gba àkókò díẹ̀ kó tó padà sí àyè. Tí fọ́tò kan bá ní in, èyí tó tẹ̀ lé e lè ní in pẹ̀lú, pàápàá tó bá jẹ́ pé ńṣe ni ẹni tí ẹ ń yà ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ kámẹ́rà. Ẹ fo bíi mélòó kan kọjá kí ẹ tó tún wò.

Níbo gan-an ló yẹ kí a máa wò? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Tí ojú kan bá sún mọ́ kámẹ́rà ju èkejì lọ, èyí tó sún mọ́ ni kí ẹ wò: ìpéǹpéjú rẹ̀, àti ìmọ́lẹ̀ bíńtín tó wà nínú ẹyinjú. Aṣọ tó yanjú lábẹ́ ojú tí kò yanjú ò ràn wá lọ́wọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún kedere ẹ̀tàn. Àwọn fóònù kan máa ń mú kí etí nǹkan le sí i, wọ́n á sì mú kí awọ ara dán. Tí ẹ bá rí ìlà funfun tín-ín-rín tó yí irun ká níbi tó ti kan ojú ọ̀run, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò sì ní ihò awọ kankan, ìtúnṣe fóònù lẹ ń wò. Irun orí ni ẹlẹ́rìí tó dára jù. Níbi tó bá ti yanjú ní tòótọ́, ẹ máa rí fọ́nrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tí kò bá ti yanjú, ó máa dì pọ̀.

Ọgbọ́n kan tún wà tó ń dín iṣẹ́ kù. Ẹ wo bí fáìlì kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Nínú ọ̀wọ́ kan náà, fọ́tò tó ní nǹkan tó yanjú púpọ̀ nínú sábà máa ń wúwo ju èyí tó fà lọ, torí pé ohun kéékèèké ṣòroó fún pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ìdájọ́. Àwọn kóróbójó òkùnkùn, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó máa ń hàn níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò tó, náà ń mú fáìlì wúwo, ewé igi tó bá ṣèèṣì wọnú fọ́tò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ ti máa kọ́kọ́ wò nìkan ló lè tọ́ka sí.

Ìmọ́lẹ̀: èwo ló dúdú, èwo ló jó?

Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé fọ́tò tí wọ́n yà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan náà lè yàtọ̀ ní ìmọ́lẹ̀. Ohun tó fà á ni pé ọ̀pọ̀ fóònù ń wọn ìmọ́lẹ̀ bí yíyà náà ṣe ń lọ. Bí ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ bá pọ̀ sí i nínú fọ́tò, fóònù á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ọmọ á sì dúdú. Bí ara ọmọ bá bo ojú ọ̀run, á tún gbé e sókè. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, fọ́tò àyàléraléra kì í gba irú ìdàpọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí fọ́tò ẹyọ kan ń gbà, níbi tí fóònù ti ń pa èyí tó mọ́lẹ̀ àti èyí tó dúdú pọ̀ di ọ̀kan, torí náà àwọn ibi tó mọ́lẹ̀ tètè máa ń jó nínú wọn.

Láti mọ̀ bóyá ibì kan ti jó, ẹ ṣí "Edit", ẹ fa "Highlights" wálẹ̀ títí dé òpin. Tí àwọ̀ ara bá padà sí iwájú orí, tàbí tí àwòrán ara aṣọ bá jáde, ó ṣì wà. Tó bá kàn di eérú pẹrẹsẹ láìsí nǹkan nínú, ó ti lọ. Ẹ tẹ "Cancel", ẹ̀rí nìkan la ń wá. Fún ibi tó dúdú, ẹ gbé "Shadows" sókè kí ẹ wo ohun tó jáde: irun àti ìpéǹpéjú ni, àbí kóróbójó aláwọ̀ oríṣiríṣi? Ojú tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù ní ìdajì máa ń gba ìtúnṣe láìsí wàhálà púpọ̀. Tó bá kù ní ìdá mẹ́rin, kóróbójó á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn.

Àwọn áàpù kan ń fi hísítógíráàmù hàn, àwòrán òkè tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín láti 0, tó jẹ́ dúdú, dé 255, tó jẹ́ funfun. Tí òkè náà bá ti gbára lé ògiri apá ọ̀tún, nǹkan kan ti jó. Ohun tí kò lè sọ ni pé kí ló jó. Gílóòbù iná lẹ́tọ̀ọ́ láti funfun, ojú ọ̀run náà ṣeé fara dà, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn fífa "Highlights" ju wíwo òkè yẹn lọ.

Méjìlá yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọmọ tó ń fò. A kọ́kọ́ wo gbogbo wọn ní kékeré, láì fẹ̀ wọ́n, torí ohun tí ojú lásán bá ti rí kò yẹ kó gba àkókò. Ìkíní mì. Nínú èkejì, ojú ọmọ pa dé. Nínú ìkẹta, ó tẹ orúnkún, orí rẹ̀ dorí kodò. Láti ìkẹsàn-án dé ìkọkànlá, ó ti balẹ̀, irun ti bo ojú rẹ̀. Ìkejìlá mì nígbà tí ìka kúrò. Ó ku ìkẹrin dé ìkẹjọ, ìyẹn àwọn tó bá a lókè.

Láti ibẹ̀, méjì méjì la fi ń wò ó. Ẹ fẹ ojú ọmọ nínú ọ̀kan, ẹ fẹ ibì kan náà ní ìwọ̀n kan náà nínú èkejì, kí ẹ mú èyí tó borí, kí ẹ sì fi í wé èyí tó kàn. Ẹni tó bá ń fi ìrántí wé ìkẹrin mọ́ ìkẹjọ ń tan ara rẹ̀ jẹ, torí pé èyí tó rí kẹ́yìn ló máa wù ú. Ìkẹrin àti ìkẹjọ tètè jáde: ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò nílẹ̀ nínú ọ̀kan, ó ń sáré bọ̀ nílẹ̀ nínú èkejì, ìpéǹpéjú sì ti di ìlà nínú méjèèjì. Mẹ́ta ló kù:

| | Ojú ọmọ | Ìmọ́lẹ̀ | Àkókò tí kámẹ́rà ṣí |
|---|---|---|---|
| Ìkarùn-ún | Ẹ̀rín tó dùn jù, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú fà sókè | Ó dára | 1/125 |
| Ìkẹfà | Ìpéǹpéjú hàn lọ́kọ̀ọ̀kan | Ojú dúdú díẹ̀ | 1/250 |
| Ìkeje | Ó rọ̀ díẹ̀ | Iwájú orí jó | 1/125 |

Òpó tó kẹ́yìn yẹn ló tú àṣírí. Ẹ lè rí i nínú àlàyé fọ́tò, níbi tí ISO àti déètì wà. Ìkẹfà àti ìkeje wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òkè ìfò, wọn ò jìnnà sí i, ó sì yẹ kí wọ́n yanjú bákan náà. Ṣùgbọ́n nínú ìkẹfà, ojú ọ̀run ti gba àyè púpọ̀, fóònù sì fi ìdajì dín àkókò kù. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé di ìdajì, fífà náà sì di ìdajì: nǹkan bíi písẹ̀lì mẹ́ta dípò mẹ́fà. Ohun tó mú ìkẹfà dúdú gan-an ló mú un yanjú. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀wọ́ fọ́tò tí nǹkan ti ń sáré, nítorí náà mo máa ń wo èyí tó dúdú kí n tó lé e lọ.

Ìkẹfà ni mo mú. Mo gbé ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ sókè, ó sì ṣeé wò. "Highlights" ò mú nǹkan kan padà sí iwájú orí ìkeje. Ìkarùn-ún ló nira láti fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ló máa mú un nítorí ẹ̀rín yẹn, n ò sì ní bá wọn jà. Ẹ kàn má retí pé "Sharpness" máa tún un ṣe. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fún etí nǹkan ní agbára sí i. Tí ẹ bá fà á lọ lórí ojú tó ti fà, ìlà méjì lẹ máa rí níbi tí ìpéǹpéjú kan wà.

Tí ibi tí fọ́tò ń lọ bá yàtọ̀

Ká ní iwájú orí ìkeje ò jó, tó kàn rọ̀ díẹ̀ ni, ìdájọ́ lè yí padà. Lójú fóònù tó ní písẹ̀lì 1080, písẹ̀lì mẹ́fà máa di méjì, bóyá lẹnì kan máa rí i. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ fi ránṣẹ́ sí èèyàn ni, ẹ mú ìkeje, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu pẹ̀lú ìtúnṣe. Fọ́tò kékeré tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà íńṣì 6 sí 4 ń gba nǹkan bíi písẹ̀lì 1800 sí 1200, ó ṣì máa bo àṣírí púpọ̀. Bébà A4 ní tirẹ̀ ń gba nǹkan bíi 3508 sí 2480, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fún nǹkan kan pọ̀ mọ́. Rírọ̀ ìkeje máa hàn níbẹ̀, ìkẹfà ló sì máa dúró. Tí ẹ bá máa gé ojú ọmọ nìkan jáde, ẹ ṣe bí ẹni pé bébà ńlá lẹ ń tẹ̀ ẹ́ sí.

Ẹ kíyè sí ìmọ̀ràn fóònù náà. Àwọn iPhone kan ń fi àmì roboto eérú sábẹ́ fọ́tò tí wọ́n rò pé ó dára jù nínú ọ̀wọ́. Ó máa ń dá ojú tó pa dé àti èyí tó mì gan-an mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò fọkàn tán an láti yan láàárín ìkẹfà àti ìkeje. Ó wúlò láti mọ ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá yan tán, tí ẹ sì tẹ "Done", ó máa bi yín bóyá "Keep Everything" tàbí "Keep Only 1 Favorite". Èyí tó kẹ́yìn yẹn máa pa gbogbo àwọn yòókù rẹ́, ìkarùn-ún ẹlẹ́rìn-ín náà á bá wọn lọ. Tí ẹ bá fẹ́ méjèèjì, ẹ fi àmì sí méjèèjì kí ẹ tó tẹ "Done". Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ tètè wo inú "Recently Deleted" kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé.